Ọjọ́ ìsanwó kọjá lánàá: bí a ṣe ń kọ ìránnilétí àkọ́kọ́ sí oníbàárà

Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó gba owó ni a kọ ìbéèrè àti ìdáhùn yìí fún: atẹ̀wé, aránṣọ, alásè, akọ́lé, ayàwòrán, àti ẹnikẹ́ni tó ń fi ìwé owó, èyí tí ọ̀pọ̀ ń pè ní ínfọ́ìsì, ránṣẹ́ sí oníbàárà. Àpẹẹrẹ kan ṣoṣo la ó máa lò jálẹ̀. Atẹ̀wé kan ní Ṣómólú, l'Ékòó, tẹ ìwé èsì ìdánwò 800 fún iléèwé aládàáni kan ní Ìkẹjà. ₦850 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦680,000. Iléèwé ti san ₦200,000 sílẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ó ku ₦480,000. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3 oṣù kẹfà 2025, atẹ̀wé kó ìwé lọ, ó sì fi ìwé owó nọ́ńbà 041 lé bọ́sà iléèwé náà lọ́wọ́. Àdéhùn wọn ni pé kí owó wọlé láàárín ọjọ́ 14.

Ìgbà wo gan-an ni a lè sọ pé ọjọ́ ìsanwó ti kọjá?

Ibi òǹkà yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀. Nínú ìṣirò ìwé owó, a kì í ka ọjọ́ tí ìwé náà jáde. Ọjọ́ kejì rẹ̀ ni ìkíní. Bí a bá kà á bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ 3, ọjọ́ kẹrìnlá bọ́ sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 17 oṣù kẹfà. Òǹkà ilé wa kò rí bẹ́ẹ̀. Yorùbá máa ń ka ọjọ́ òní mọ́ ọn, ìdí nìyẹn tí ọjà tó ń padà wá lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin fi ń jẹ́ ọjà ọrún. Ẹni tó bá ka ọjọ́ 14 lọ́nà ìbílẹ̀ yóò dé ọjọ́ 16, yóò sì rò pé oníbàárà ti pẹ́ nígbà tí kò tíì pẹ́.

Gbogbo ọjọ́ 17 pátá ṣì jẹ́ ti oníbàárà, títí di agogo méjìlá òru. Ẹni tó bá ránṣẹ́ ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn, tó sì sọ pé ọjọ́ ti kọjá, ti ṣi ọ̀rọ̀ sọ, bọ́sà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò sì kíyè sí i. Àárọ̀ Ọjọ́rú, 18, ni ó tọ́.

Ohun kan tún wà. Bí ìwé owó bá kàn sọ pé "ọjọ́ 14" láìsọ pé láti ìgbà wo, tí ó sì jẹ́ pé ọjọ́ 5 ló dé tábìlì bọ́sà, láti ọjọ́ 5 ni òun yóò ti máa kà á, ọjọ́ 19 ni yóò sì kà sí ọjọ́ ìsanwó. Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, ẹ fún un ní ọjọ́ méjì yẹn, kí ẹ kọ̀wé ní ọjọ́ 20. Nínú ìwé owó tó kàn, ẹ kọ ọjọ́ náà gan-an síbẹ̀: "Ọjọ́ ìsanwó: 17 oṣù kẹfà 2025." Gbólóhùn yẹn ni ìránnilétí yín yóò máa tọ́ka sí.

Ṣé kò yá jù láti kọ̀wé ní ọjọ́ kejì? Ṣé kò ní dà bí ẹni pé mò ń sin wọ́n lówó?

Kò yá jù. Ọjọ́ kejì ni ọ̀rọ̀ náà rọrùn jù lọ láti sọ pẹ̀lú ohùn tútù, nítorí inú kò tíì bí ẹnikẹ́ni, oníbàárà kò sì tíì ní ohun tí yóò máa sá fún. Ẹ fi wé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i: bí ẹ tilẹ̀ lo gbólóhùn kan náà, ẹni tó gbà á yóò gbọ́ ìbínú ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nínú rẹ̀.

Ẹ wo ọjọ́ 14 ti àpẹẹrẹ wa dáadáa. Ìsinmi Iléyá bọ́ sí ọjọ́ Ẹtì, 6 oṣù kẹfà, àti ọjọ́ Ajé, 9. Ọjọ́bọ̀, 12 oṣù kẹfà, jẹ́ ìsinmi Ọjọ́ Ìjọba Tiwa-n-tiwa. Bí ẹ bá tún yọ òpin ọ̀sẹ̀ méjì kúrò, ọjọ́ iṣẹ́ méje péré ni bọ́sà ní láti mú ìwé náà lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń buwọ́ lù ú, kí ó sì gbà á padà. Kí ìwé kan sùn sínú fáìlì láàárín irú àkókò bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ìwà àìsanwó. Ìránnilétí àkọ́kọ́ kàn ń fa ìwé náà jáde kúrò nínú fáìlì ni.

Ohun tó ń ba ọ̀pọ̀ lẹ́rù ni ìtàn dógò. Láyé àtijọ́, ẹni tí wọ́n jẹ lówó lè rán ológò lọ jókòó sí ilé onígbèsè, tí yóò máa pariwo, tí yóò máa jẹ ohun tó bá rí, títí wọn yóò fi wá owó fún un. Ìtìjú yẹn ṣì wà nínú etí wa nígbàkígbà tí ẹnì kan bá béèrè owó. Nítorí náà ni ọ̀rọ̀ tí a bá yàn fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀ ní Yorùbá: gbólóhùn kan lè jẹ́ ìránnilétí, òmíràn tó jọ ọ́ lè jẹ́ dógò.

Kí ni kí n yẹ̀ wò kí n tó tẹ ohunkóhun?

Ẹ ṣí àkọsílẹ̀ àkáǹtì yín, ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé àlẹ́ẹ̀tì orí fóònù. Àlẹ́ẹ̀tì máa ń pẹ́, ìgbà mìíràn kì í wá rárá, owó sì ti lè wà níbẹ̀ láti alẹ́ àná. Kò sí ìránnilétí tó dun oníbàárà ju èyí tó wá lẹ́yìn tó ti sanwó.

Ẹ má ṣe wá ₦480,000 nìkan. Àwọn ilé iṣẹ́ kan máa ń yọ owó orí sílẹ̀ fún ìjọba kí wọ́n tó san ìyókù. Ká ní iléèwé yìí yọ ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún, tó sì jẹ́ pé orí gbogbo iṣẹ́ náà, ₦680,000, ló ti ṣírò rẹ̀, ₦13,600 ló yọ nìyẹn, ₦466,400 ni yóò sì wọlé. Ẹni tó ń wá ₦480,000 yóò wo ₦466,400 kọjá, yóò sì kọ̀wé pé òun kò rí owó.

Ẹ wo orúkọ tó wà lára owó tó wọlé pẹ̀lú. Owó iléèwé lè wá láti àkáǹtì ẹni tó ni iléèwé, orúkọ tirẹ̀ ni yóò sì hàn. Bí ẹ bá ní àkáǹtì méjì, ẹ ṣí méjèèjì.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wá ẹ̀rí pé ìwé owó dé ọwọ́ wọn. Ṣé ẹnì kan buwọ́ lu ẹ̀dà tiyín? Bí ímeèlì ni, ṣé kò padà wá? Bí kò bá sí ẹ̀rí kankan, ẹ má kọ ìránnilétí. Ẹ tún ìwé owó náà fi ránṣẹ́, kí ẹ béèrè bóyá èyí àkọ́kọ́ dé.

Ohun tó kẹ́yìn ni kí ẹ ka ọ̀rọ̀ tí ẹ bá ara yín sọ gbẹ̀yìn. Bí bọ́sà bá ti kọ̀wé ní ọjọ́ 10 pé ìwé 12 ní ojú ewé tó ṣófo, tí ẹnikẹ́ni kò sì dá a lóhùn, ìyẹn lẹ kọ́kọ́ gbọ́dọ̀ yanjú. Ẹni tó ń dúró de ìwé 12 kì í ṣe ẹni tó gbàgbé láti sanwó.

Ẹ fi odidi ìránnilétí kan hàn wá.

Èyí ni ti ìwé owó 041, tí atẹ̀wé kọ sí bọ́sà ní àárọ̀ Ọjọ́rú:

> Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ kú iṣẹ́ o.
>
> Lórí ìwé owó nọ́ńbà 041 ni mo fi kọ̀wé sí yín, ti ìwé èsì ìdánwò 800 tí a kó wá ní 3 oṣù kẹfà. Owó tó kù lórí rẹ̀ jẹ́ ₦480,000, àná, 17 oṣù kẹfà, sì ni ọjọ́ ìsanwó rẹ̀. Títí di agogo mẹ́sàn-án àárọ̀ yìí, a kò tíì rí i nínú àkáǹtì wa.
>
> Bí ẹ bá ti fi ránṣẹ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi risíìtì rẹ̀ ṣọwọ́ sí mi kí n lè wá a. Bí kò bá tíì lọ, ẹ sọ ọjọ́ tí kí a máa retí rẹ̀ fún mi. Nọ́ńbà àkáǹtì wa kò yí padà, òun náà ló wà lórí ìwé owó tí mo so mọ́ ọn yìí.
>
> Bí ohunkóhun bá wà lórí iṣẹ́ náà tàbí lórí ìwé owó tí ẹ fẹ́ kí a yẹ̀ wò, ẹ pè mí.
>
> Ẹ ṣeun mà.

Orúkọ yín, orúkọ ilé iṣẹ́ àti nọ́ńbà fóònù yóò tẹ̀ lé e. Ó parí. Kò ju ohun tí ènìyàn lè kà lórí fóònù láìfà á sókè ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ẹ kíyè sí ohun tí bọ́sà kò ní láti béèrè. Kò ní béèrè pé iṣẹ́ wo ni, iye mélòó ló kù, ìgbà wo ló yẹ kó ti san, àkáǹtì wo ni, tàbí pé níbo ni ìwé owó náà wà. Ìdánwò tó dára jù lọ fún ìránnilétí nìyẹn: ṣé ẹni tó gbà á lè sanwó láì dá yín lóhùn rárá? Bí ó bá ní láti kọ́kọ́ béèrè ohun kan, ọ̀rọ̀ ti di ọ̀la nìyẹn.

₦480,000 ni ó sì wà níbẹ̀, kì í ṣe ₦680,000. Àṣìṣe yìí pọ̀ gan-an láàárín àwa tó ń gba owó sílẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀: a ń da àpapọ̀ kọ, oníbàárà sì ń rò pé a ti gbàgbé èyí tó san. Ó lè fi ọjọ́ mẹ́ta wá risíìtì ₦200,000 jáde láti fi gba ara rẹ̀ sílẹ̀.

Kí ló dé tó fi jẹ́ "a kò tíì rí i" àti kì í ṣe "ẹ kò tíì san án"?

Nítorí pé èyí àkọ́kọ́ ni ohun tí ẹ mọ̀. Àkáǹtì tiyín nìkan lẹ wò. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, ẹ kò sí níbẹ̀: owó ti lè kúrò níbẹ̀ kó há sí ọ̀nà, ẹni tó ń buwọ́ lù ú ti lè rìnrìn àjò, bọ́sà ti lè tẹ nọ́ńbà kan ṣì. "Ẹ kò tíì san án" ń dá ẹjọ́ lórí ohun tí ẹ kò rí. "A kò tíì rí i" ń sọ òótọ́, ó sì fi àyè sílẹ̀ kí bọ́sà lè wí pé "ẹ jẹ́ kí n wò ó" láìsí pé ojú ń tì í.

Ọ̀rọ̀ kékeré náà "tíì" ń ṣiṣẹ́ ńlá. "A kò rí i" ti ilẹ̀kùn. "A kò tíì rí i" sọ pé a mọ̀ pé ó ń bọ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó bọ́ sílẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń yára tẹ̀ ẹ́.

Bákan náà ni "títí di agogo mẹ́sàn-án àárọ̀ yìí." Bí owó bá wọlé ní agogo mẹ́sàn-án ààbọ̀, ìránnilétí yín kò di irọ́. Bí kò bá sí àkókò yẹn níbẹ̀, bọ́sà tó sanwó ní òwúrọ̀ yóò rò pé ẹ kò tilẹ̀ wò ó.

Àwọn ọ̀rọ̀ wo ni kí n yẹra fún?

"Gbèsè" ni àkọ́kọ́. Lóòótọ́ gbèsè ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn ń sọ irú ènìyàn tí ẹni náà jẹ́, kò sì sí oníbàárà tó fẹ́ kí a pe òun ní onígbèsè nítorí ọjọ́ kan. "Owó tí ẹ jẹ wá" wà ní ẹgbẹ́ kan náà. Ẹ pe orúkọ ìwé: "owó tó kù lórí ìwé owó 041." Ìwé ni a ń bá wí, kì í ṣe ènìyàn.

Èyí tó tẹ̀ lé e máa ń jọ ọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n ó ń pa owó: "ẹ bá wa wá nǹkan ṣe sí i." Gbogbo wa mọ ohun tí ó túmọ̀ sí láàárín ara wa. Ó túmọ̀ sí pé ohunkóhun tí ẹ bá rí, a ó gbà á. Ẹni tó ní ₦480,000 lọ́wọ́ yóò fi ₦100,000 ránṣẹ́, yóò sì rò pé òun ti ṣe dáadáa, nítorí "nǹkan" náà ni ẹ béèrè.

"Nígbà tó bá rọ̀ yín lọ́rùn" pa ọjọ́ ìsanwó rẹ́ pátápátá. Ọwọ́ ara yín lẹ fi yí àdéhùn ọjọ́ 14 padà sí àdéhùn tí kò ní ọjọ́. "Ní kíákíá" kò sàn jù ú lọ, nítorí kíákíá atẹ̀wé àti kíákíá iléèwé kò dọ́gba. Ọjọ́ ni kí ẹ béèrè.

"Ẹ má bínú pé mò ń yọ yín lẹ́nu" ń tọrọ àforíjì fún ohun tí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ó tún ń kọ́ oníbàárà pé ìdààmú ni kí ẹ béèrè owó iṣẹ́ yín. "Ẹ jọ̀wọ́" kan ti tó. Bí ó bá di mẹ́ta nínú ìwé kan náà, ó ti di ẹ̀bẹ̀.

Ẹ tún ṣọ́ra fún àdúrà "Ọlọ́run á pèsè." Ọkàn rere la fi ń sọ ọ́, àmọ́ nínú ọ̀rọ̀ owó, ohun tí bọ́sà yóò gbọ́ ni pé ẹ rò pé iléèwé wọn kò ní owó lọ́wọ́.

Lódìkejì, ẹ má ṣe kọ ọ́ bí ẹni tó ń pàṣẹ. "Ẹ tètè san owó wa lónìí" kò ní èébú kankan nínú, síbẹ̀ ohùn rẹ̀ le. Ohùn pẹ̀lẹ́ ní ń yọ obì lápò, ohùn líle ní ń yọ ọfà lápó. Ní ọjọ́ kìíní, obì là ń wá.

Báwo ni mo ṣe máa kí ẹni náà? Bí ó bá jẹ́ àgbà tàbí ìbátan mi ńkọ́?

Ẹ kí i bí ẹ ṣe máa ń kí i tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá ti ń pe ẹni tó ni iléèwé ní "Mọ́mì" láti ìgbà tí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, tí ẹ wá kọ "Sí Olùdarí Iléèwé" ní ọjọ́ tí owó pẹ́, ìyípadà yẹn nìkan ti bá a wí kó tó ka ìlà kejì. Bákan náà, ẹ má ṣe fi "o" bá oníbàárà sọ̀rọ̀, bó tilẹ̀ kéré sí yín lọ́jọ́ orí. "Ẹ" ni, látòkè délẹ̀.

Ìkíni ìlà kan ti tó. Bí ẹ bá béèrè ilé, béèrè ọmọ, béèrè ìrìn àjò, kí ẹ tó wá bọ́ sórí owó, oníbàárà yóò rí i pé nítorí owó ni gbogbo ìkíni yẹn, àwọn ìkíni náà yóò sì di òfo. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá mọ̀ pé ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ wọ́n lọ́sẹ̀ yẹn, ẹ kí wọn kú àrà fẹ́ra kù lọ́tọ̀, kí ẹ dá ìránnilétí dúró. Bí ilé iṣẹ́ ńlá ni, ẹ kọ ọ́ sí ẹlòmíràn ní ẹ̀ka owó wọn, ẹ má kọ ọ́ sí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀.

Ti ìbátan ló ṣòro jù. Bí ẹ̀gbọ́n bàbá yín ló gbé iṣẹ́ fún yín, ẹ pè é lórí fóònù kí ẹ tó kọ ohunkóhun, kí ẹ kí i tán, kí ẹ sì sọ pé: "Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ fi ìwé owó yẹn ránṣẹ́ sí yín lẹ́ẹ̀kan sí i, ọjọ́ rẹ̀ pé lánàá." Lẹ́yìn náà ni ẹ ó wá fi ránṣẹ́. Ìwé tí a ti sọ tẹ́lẹ̀ pé ó ń bọ̀ kì í jọ àfojúdi.

Ímeèlì ni tàbí Wọ́sáàpù?

Ọ̀nà tí ìwé owó gbà lọ ni kí ìránnilétí gbà lọ pẹ̀lú, kí méjèèjì lè wà lójú kan. Bí ó bá jẹ́ ímeèlì, ẹ dáhùn sórí ímeèlì ìwé owó àkọ́kọ́, ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ tuntun, ẹ sì tún so PDF náà mọ́ ọn. Kí àkọlé rẹ̀ sọ ohun tó wà nínú rẹ̀: "Ìwé owó 041, ₦480,000, ọjọ́ ìsanwó 17 oṣù kẹfà." Ẹ má kọ "Pàjáwìrì" tàbí "Ìkìlọ̀" síbẹ̀.

Lórí Wọ́sáàpù, ẹ fi nọ́ńbà àkáǹtì, oní-nọ́ńbà mẹ́wàá náà, ránṣẹ́ ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lọ́tọ̀, lẹ́yìn ìránnilétí. Nọ́ńbà nìkan, láìsí orúkọ báńkì lára rẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé ẹni tó fẹ́ sanwó yóò tẹ ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀, yóò ṣe àdàkọ rẹ̀, yóò sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú áàpù báńkì. Bí nọ́ńbà bá wà láàárín gbólóhùn, gbogbo gbólóhùn ni yóò bá a lọ. Bí ó bá wà nínú àwòrán, yóò ní láti máa wò ó tẹ̀, ibẹ̀ sì ni nọ́ńbà ti ń ṣì. Orúkọ báńkì àti orúkọ tó wà lórí àkáǹtì lè wà nínú ọ̀rọ̀ tó ṣáájú.

Ẹ má ṣe fi sínú ẹgbẹ́ Wọ́sáàpù tí ẹlòmíràn wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibẹ̀ ni ẹ ti ń sọ̀rọ̀ iṣẹ́. Má sì ṣe gbé e sórí sítátọ́ọ̀sì yín pé "àwọn kan kì í sanwó." Dógò gan-an nìyẹn.

Bí ọjọ́ kejì bá bọ́ sí òpin ọ̀sẹ̀ ńkọ́?

Ẹ dúró di àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ tó kàn, láàárín agogo mẹ́sàn-án sí mẹ́wàá. Bí ọjọ́ ìsanwó bá jẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ Ajé ni kí ẹ kọ̀wé, kí ẹ sì pa "àná" dà sí "ọjọ́ Ẹtì." Yàtọ̀ sí ọ̀wọ̀, èrè rẹ̀ ni pé bọ́sà tó rí i ní alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta kò lè ṣe nǹkan kan sí i, ní ọjọ́ Ajé ó sì ti rì sísàlẹ̀ àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn.

Ṣé kí n mẹ́nu ba owó ìtanràn tàbí èlé?

Kò yẹ nínú ti àkọ́kọ́, àní bí ó bá wà nínú àdéhùn. Ẹni tó kàn gbàgbé yóò kà á sí ìhàlẹ̀.

Àwọn ará wa tó ń ṣòwò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní òfin lẹ́yìn wọn lórí èyí. Òfin ọdún 1998 lórí owó tó pẹ́ láàárín oníṣòwò sí oníṣòwò fún wọn láyè láti gba èlé ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún lórí iye èlé ìpìlẹ̀ Báńkì Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, pẹ̀lú £40 lórí owó tí kò tó £1,000. Ó dára kí ènìyàn mọ̀ ọ́n. Síbẹ̀, ìwé kejì tàbí ìkẹta ni àyè rẹ̀ wà.

Mo ti pààrọ̀ báńkì láti ìgbà tí mo fi ìwé owó ránṣẹ́. Ṣé kí n fi nọ́ńbà tuntun sínú ìránnilétí?

Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà tí àwọn gbájúẹ̀ ń gbà jí owó nìyẹn: wọ́n á wọnú ímeèlì ènìyàn, wọ́n á dúró di ìgbà tí ọjọ́ ìsanwó bá pé, wọ́n á wá kọ̀wé tútù pé "àkáǹtì wa ti yí padà." Bọ́sà tó gbọ́n yóò dá owó dúró nígbà tó bá rí irú gbólóhùn yẹn, ó sì jàre.

Bí àkáǹtì àtijọ́ bá ṣì ṣí, ẹ jẹ́ kí owó yìí gba ibẹ̀ wọlé. Bí ó bá ti pa, ẹ pe bọ́sà lórí fóònù, kí ó gbọ́ ohùn yín, kí ẹ fi ìwé owó tuntun tó ní nọ́ńbà tuntun ránṣẹ́, kí ẹ sì ní kí ó wo orúkọ tó bá jáde nígbà tó bá tẹ nọ́ńbà náà sínú áàpù. Orúkọ ilé iṣẹ́ yín ló gbọ́dọ̀ jáde.

Wọ́n dáhùn pé "a ti san án," ṣùgbọ́n n kò rí i.

Ẹ dúpẹ́, ẹ má jiyàn. Kí ẹ béèrè risíìtì tíránsífà náà, kí ẹ sì wo ohun mẹ́ta lórí rẹ̀: nọ́ńbà àkáǹtì, iye owó, àti nọ́ńbà gígùn tí wọ́n kọ "Session ID" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nọ́ńbà yẹn ni báńkì yín yóò fi wá owó náà. Èsì tó bójú mu ni: "Ẹ ṣeun mà. Mo ti rí risíìtì, mo ti fi lọ báńkì wa. Ní kété tó bá hàn, n ó jẹ́ kí ẹ mọ̀." Bí ó bá sì hàn, ẹ mú ìlérí yẹn ṣẹ lójú ẹsẹ̀.

Wọ́n dáhùn pé "kò sí wàhálà, a ó san án." Kí ló kù?

Ọjọ́ ló kù. Ẹ kọ ọ́ padà pé: "Ẹ ṣeun mà. Ṣé kí a máa retí rẹ̀ ní ọjọ́ Ẹtì, 20?" Ó rọrùn fún un láti sọ bẹ́ẹ̀ ni ju kí òun fúnra rẹ̀ ronú ọjọ́ jáde. Bí ó bá sọ pé ọjọ́ Ajé ni, ẹ gbà, ẹ tún un kọ: "Ó dára mà, ọjọ́ Ajé, 23." Ọjọ́ tuntun ti wà nínú ìwé nìyẹn, ẹnu bọ́sà ló sì ti jáde.

Bí èsì bá jẹ́ ẹ̀sùn lórí iṣẹ́, bí ìwé 12 tó ṣófo yẹn, ẹ yà á sọ́tọ̀. Ìwé 12 ní ₦850 jẹ́ ₦10,200. Ẹ gbà láti tún wọn tẹ̀, kí ẹ sì béèrè pẹ̀lẹ́ bóyá ₦469,800 tó kù lè máa bọ̀ ní báyìí, kí ₦10,200 dúró de ìwé tuntun. Ọ̀pọ̀ yóò gbà, nítorí ẹ ti fi hàn pé ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n sọ.

Bí ẹnikẹ́ni kò bá dáhùn ńkọ́?

Ẹ fi ọjọ́ iṣẹ́ méjì sílẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ pè. Nínú àpẹẹrẹ wa, àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, 20, nìyẹn. Ẹ má ṣe tún ọ̀rọ̀ kan náà fi ránṣẹ́ ní alẹ́ Ọjọ́rú tàbí kí ẹ fi àmì ìbéèrè mẹ́ta tẹ̀ lé e. Ìyẹn ni yóò ba gbogbo ìtútù ti àárọ̀ jẹ́. Nígbà tí ẹ bá pè, ohun tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ béèrè ni bóyá ìwé tí ẹ kọ ní Ọjọ́rú dé ọ̀dọ̀ wọn, nítorí ó ṣeé ṣe kí bọ́sà náà ti lọ sí ìsinmi, kí ẹlòmíràn sì wà lórí tábìlì rẹ̀ tí kò gbọ́ nípa ìwé èsì ìdánwò 800 rí.